Àpótí Kan, Àpò Púpọ̀: Ìtọ́jú Owó Tí A Fi Fún Ìjọ Fún Iṣẹ́ Kan Pàtó



Ìbéèrè kan wà tí a máa ń bi akápò ìjọ ní ìpàdé ọdọọdún, òun ni pé, “Èló ni ó kù ní báńkì?” Akápò a dìde, a ka iye owó náà, ìpàdé a sì tẹ́wọ́ gba ìṣirò rẹ̀. A fẹ́ fi hàn nínú ọ̀rọ̀ wa yìí pé ìbéèrè náà kò tó, àti pé ìdáhùn tí kò ní irọ́ nínú rárá lè ṣi odidi ìjọ lọ́nà. Nítorí pé iye owó tí ó wà ní báńkì kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú iye tí ìjọ ní àṣẹ láti ná. Ohun tí ó yẹ kí a bi akápò ni èyí: “Nínú owó tí ó kù, èló ni a lè ná sí ohun gbogbo tí ìjọ nílò, èló sì ni àwọn tí ó fi í fún wa ti dè mọ́ iṣẹ́ kan?”

Ẹ wo alájọ inú ọjà. Lójoojúmọ́ ni ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, inú àpò kan ṣoṣo ni ó sì ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ní káàdì tirẹ̀, a sì ń sàmì sí i ní gbogbo ìgbà tí ó bá dá owó. Bí ẹnìkan bá bi alájọ pé èló ni ó wà nínú àpò rẹ̀, ó lè dáhùn pé 400,000 náírà ni. Ṣùgbọ́n kò lè wí pé òun ní 400,000 náírà. Ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ kò ju owó ọjọ́ kan lóṣù tí olúkúlùkù fi san èrè iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ná ju èyí lọ, owó ẹlòmíràn ni ó ń ná, bí àpò náà tilẹ̀ kún dé ẹnu. Káàdì ni ó ń sọ òtítọ́. Àpò kò lè sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀ràn ìjọ rí. Báńkì ni àpò wa, ìwé owó wa sì ni káàdì.

OHUN TÍ Ó Ń DE OWÓ

Owó tí ń wọlé fún ìjọ pín sí oríṣi méjì. Èkíní ni owó tí a kò dè: ọrẹ ọjọ́ ìsinmi, owó kíláàsì, àti ọrẹ ìdúpẹ́ tí ẹni tí ó mú un wá kò sọ ohun tí a ó fi ṣe. Gbogbo ìwọ̀nyí ni a ń pè ní àpò gbogbogbòò, láti inú rẹ̀ ni a sì ti ń san owó oṣù òjíṣẹ́ ìjọ, owó iná, owó omi, àti ìpín tí a ń fi ránṣẹ́ sí ìjọ àpapọ̀. Èkejì ni owó tí a dè: èyí tí a fi fún wa fún òrùlé, tàbí fún àwọn opó, tàbí fún owó ilé-ìwé àwọn ọmọ aláìní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí gbọ́dọ̀ ní àpò tirẹ̀.

Kí ni ń de owó? Ohun méjì péré ni. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó fúnni ni èkíní, bí ìgbà tí arákùnrin kan bá kọ “Fún òrùlé” sí ara àpòòwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó tọrọ ni èkejì, èyí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì ń gbàgbé. Bí a bá kéde láti orí àga ìwàásù pé ohun gbogbo tí a bá rí ní ọjọ́ ìkórè yóò lọ sí òrùlé, gbogbo owó ọjọ́ náà ti di dídè, bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó mú un wá kò tilẹ̀ kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ìlérí wa ni wọ́n dáhùn sí. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí akọ̀wé kọ irú ìkéde bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìpàdé, pẹ̀lú ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ náà gan-an, nítorí pé kì í pẹ́ tí ìrántí ènìyàn fi ń yàtọ̀ síra.

A gbọ́dọ̀ fi ìyàtọ̀ sáàárín èyí àti ohun tí ìgbìmọ̀ ìjọ fúnra rẹ̀ yà sọ́tọ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá mú 200,000 náírà nínú àpò gbogbogbòò, tí ó wí pé kí a fi í pamọ́ láti fi kun ilé òjíṣẹ́ ní ọ̀dà, ìpinnu rere ni. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí ó so ó lè tú u ní ìpàdé mìíràn, nítorí owó náà kò fi ìgbà kan jẹ́ dídè láti ọwọ́ ẹni tí ó fúnni. Owó tí olùfúnni dè kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ kò so ó, kò sì lè tú u.

Oríṣi kan wà nínú owó tí a dè tí ó le ju ìyókù lọ. Òun ni owó tí ẹnìkan fi sílẹ̀ pé kí a má ṣe fọwọ́ kan orí rẹ̀ láéláé, bí kò ṣe kí a máa ná èrè tí ó bá ń mú wá nìkan. Irú owó bẹ́ẹ̀ ní àpò méjì: ọ̀kan fún orí owó, tí a kì í ná, èkejì fún èrè, tí a ń ná sí iṣẹ́ tí a dárúkọ.

BÍ A TI Ń KỌ Ọ́ SÍNÚ ÌWÉ

Kì í ṣe dandan pé kí àpò kọ̀ọ̀kan ní ìwé báńkì tirẹ̀. Ìjọ mìíràn ní ìwé báńkì mẹ́rin, síbẹ̀ owó wọn dàpọ̀, nítorí pé ẹni tí ó ń kọ sọ̀wédowó kò bìkítà èwo ni ó fà láti inú rẹ̀. Ìjọ mìíràn ní ẹyọ kan péré, síbẹ̀ kò sí kọ́bọ̀ tí ó ṣìnà. Inú ìwé owó ni iṣẹ́ náà wà.

Kí akápò fa ìlà sí ojú ìwé rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí àpò kọ̀ọ̀kan lè ní òpó tirẹ̀, kí òpó ìkẹyìn sì jẹ́ ti àpapọ̀. Nígbà tí owó bá wọlé, a ó kọ iye rẹ̀ sábẹ́ òpó àpò tí ó ni ín, a ó sì tún kọ ọ́ sábẹ́ àpapọ̀. Bákan náà ni nígbà tí owó bá jáde. Ní ìparí oṣù, a ó ro ìyókù òpó kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ro gbogbo ìyókù wọ̀nyí pọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ bá owó tí ó wà ní báńkì àti èyí tí ó wà lọ́wọ́ akápò dọ́gba, láìsí ìyàtọ̀ kọ́bọ̀ kan. Òfin kan ṣoṣo yìí ni ó gbé gbogbo iṣẹ́ náà dúró.

Ṣùgbọ́n ìwé owó kò lè mọ ohun tí a kò sọ fún un. Níbi tí owó ti sábà máa ń pàdánù orúkọ rẹ̀ ni orí tábìlì tí a ti ń ka ọrẹ lẹ́yìn ìsìn. Bí a bá ya gbogbo àpòòwé, tí a da owó inú wọn pọ̀, tí a sì sọ àpòòwé nù, kò sí ẹ̀dá alààyè tí ó lè mọ̀ mọ́ pé 5,000 náírà kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ ti òrùlé. Nítorí náà, kí àwọn méjì tí ń ka owó ya àwọn àpòòwé tí a kọ nǹkan sí sọ́tọ̀ kí wọ́n tó ya ọ̀kankan nínú wọn. Kí wọ́n kọ iye àti iṣẹ́ tí a fi í fún sínú ìwé ìkàwó, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Bí a bá kọ risíìtì, kí a kọ iṣẹ́ náà sí i pẹ̀lú, àti sí ara kùkùté rẹ̀ tí ó kù lọ́wọ́ wa.

ÀPẸẸRẸ ÌJỌ KAN

Ẹ jẹ́ kí a fi ìjọ kan tí a fi ọkàn rò ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún, 900,000 náírà ni ó wà ní báńkì. Nínú rẹ̀, 300,000 jẹ́ ti àpò gbogbogbòò, 600,000 sì jẹ́ ti àpò òrùlé. Ní ọdún náà, àwọn ènìyàn fi 900,000 náírà fún òrùlé nínú àpòòwé. Alàgbà kan sì dámọ̀ràn pé kí a ya ìkórè ọdún náà sọ́tọ̀ fún òrùlé. Gbogbo ìjọ gbà, a kéde rẹ̀, a sì rí 1,500,000 náírà. Bẹ́ẹ̀ ni 2,400,000 náírà ṣe wọlé fún òrùlé. Wọ́n ra páànù, wọ́n sì san owó ọkọ̀ tí ó kó o dé, 1,100,000 náírà.

Ní ti àpò gbogbogbòò, ọrẹ àti owó kíláàsì mú 4,200,000 náírà wá. Àwọn ọdún tí ó ti kọjá, inú àpò yìí ni owó ìkórè ń bọ́ sí. Lọ́dún yìí, kò bọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìnáwó kò dín kù. Owó oṣù, iná, epo ẹ̀rọ, àti ìpín ìjọ àpapọ̀ gba 4,900,000 náírà. Kò sí ẹni tí ó jalè. Ní oṣù tí ọrẹ dín kù, owó oṣù òjíṣẹ́ dé, akápò sì kọ sọ̀wédowó. Báńkì san án, nítorí pé owó wà níbẹ̀.

Ní òpin ọdún, ìwé báńkì wí pé 1,500,000 náírà ni ó kù. Akápò ka èyí fún ìpàdé. Inú gbogbo ènìyàn dùn, nítorí 900,000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹnìkan sì dábàá pé kí a fi 800,000 náírà ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun.

Ìbá ṣe pé akápò ní òpó nínú ìwé rẹ̀, ohun tí ìpàdé ìbá gbọ́ nìyí:

Àpò òrùlé: 600,000 tí ó wà, 2,400,000 tí ó wọlé, 1,100,000 tí ó jáde, ìyókù 1,900,000 náírà.

Àpò gbogbogbòò: 300,000 tí ó wà, 4,200,000 tí ó wọlé, 4,900,000 tí ó jáde, gbèsè 400,000 náírà.

Àpapọ̀, tí ó bá ìwé báńkì mu: 1,500,000 náírà.

Ẹ kíyèsí i pé iye àpapọ̀ kò yí padà; òtítọ́ ni akápò sọ. Ṣùgbọ́n 1,900,000 náírà ni ó yẹ kí ó wà nílẹ̀ fún òrùlé, 1,500,000 péré ni ó sì wà. Àpò gbogbogbòò ti jẹ 400,000 náírà nínú owó òrùlé láìsí ẹni tí ó mọ̀. Ìjọ tí ó rò pé òun ti lọ́rọ̀ sí i kò ní kọ́bọ̀ kan tí ó lè fi ra ẹ̀rọ. Gbèsè ni ó wà lọ́rùn rẹ̀.

Bí wọ́n bá wá ra ẹ̀rọ náà ńkọ́? 700,000 náírà ni yóò kù ní báńkì. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, gbẹ́nàgbẹ́nà yóò wá gba owó pákó àti owó iṣẹ́, 1,900,000 náírà, kò sì ní sí i. Ohun tí yóò dín jẹ́ 1,200,000 náírà, òun náà ni gbèsè àpò gbogbogbòò ti ìṣáájú pẹ̀lú owó ẹ̀rọ. Páànù yóò máa wà lórí ilẹ̀, òjò yóò sì máa rọ̀. Opó tí ó fi owó àkàrà rẹ̀ sínú àpòòwé yóò sì bèèrè ohun tí ó dé bá òrùlé tí òun san owó fún.

BÍ A TI LÈ MỌ̀

Ọmọ ìjọ tí kò tilẹ̀ mọ ìwé owó kà dáadáa lè mọ bí ọ̀ràn ti rí, bí ó bá bèèrè ohun méjì péré. Ìkíní: láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí tọrọ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, èló ni ó ti wọlé, èló ni a sì ti ná sí i? Ìyàtọ̀ wọn ni ohun tí ó yẹ kí ó wà. Kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo iṣẹ́ tí a dè owó fún, kí a sì ro wọ́n pọ̀. Ìkejì: èló ni ó wà ní báńkì lónìí? Bí ti báńkì bá kéré sí èkíní, a ti ná owó tí a dè sí ohun mìíràn.

Ẹni tí ń yẹ ìwé wò yóò lọ síwájú díẹ̀ sí i. Yóò mú kùkùté risíìtì àti ìwé ìkàwó, yóò sì wò ó bóyá iṣẹ́ tí a kọ síbẹ̀ ni òpó tí owó náà wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò wo ìnáwó, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀tàn tí ó fara sin jù lọ wà. Akápò tí kò fẹ́ kí gbèsè hàn lábẹ́ òpó gbogbogbòò lè kọ owó epo ẹ̀rọ iná sábẹ́ òrùlé, kí ó sì wí pé àwọn òṣìṣẹ́ lo iná. Ìbéèrè kan ni yóò yanjú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀: bí kò bá sí iṣẹ́ òrùlé rárá, ṣé a ìbá ti ná owó yìí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, owó àpò gbogbogbòò ni. Owó ọkọ̀ tí ó kó páànù jẹ́ ti òrùlé. Owó oṣù òjíṣẹ́ kì í ṣe tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́.

BÍ A BÁ TI NÁ AN

Kí ni ìjọ tí ó rí ara rẹ̀ nínú ipò yìí yóò ṣe? Kí ó má ṣe gbé 400,000 náírà láti òpó kan sí òpó kejì kí gbèsè lè pòórá. Ìwé kò lè dárí jì wá ohun tí olùfúnni kò tíì yọ̀ǹda. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé àpò gbogbogbòò jẹ àpò òrùlé ní 400,000 náírà, kí ìgbìmọ̀ sì pinnu ọ̀nà tí a ó gbà san án. Bí a bá ń dá 50,000 náírà padà lóṣooṣù, oṣù mẹ́jọ ni yóò gbà. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà kò bá lè dúró tó bẹ́ẹ̀, kí a tọrọ owó lọ́wọ́ ìjọ, ṣùgbọ́n kí a sọ òtítọ́ ohun tí a ń tọrọ fún: fún gbèsè àpò gbogbogbòò ni, kì í ṣe fún òrùlé. Àwọn ènìyàn ti san owó òrùlé lẹ́ẹ̀kan.

Kí ìjọ sì tún wo ohun tí ó fà á. Nínú àpẹẹrẹ wa, kì í ṣe ìwà ìnákúnàá ni ó fa gbèsè náà; ìkéde ìkórè ni. Ìjọ tí ó bá fi ìkórè rẹ̀ fún iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí yóò fi bọ́ àpò gbogbogbòò ní ọdún náà. Bí ó bá ti kéde pé ìdajì ìkórè ni yóò lọ sí òrùlé, 750,000 náírà ìbá ti bọ́ sí àpò gbogbogbòò. Dípò gbèsè 400,000, ìyókù rẹ̀ ìbá jẹ́ 350,000 náírà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀ràn yìí jẹ́ ti ẹ̀rí-ọkàn nìkan. Òfin Ilé-iṣẹ́ ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2020 pàṣẹ pé owó àti ohun-ìní ẹgbẹ́ tí a fi orúkọ àwọn olùtọ́jú rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin kò gbọdọ̀ lọ sí ibòmíràn, bí kò ṣe sí ète tí a torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọ Yorùbá wà lónìí, ẹni tí ó bá fi owó tí a dè ṣe iṣẹ́ mìíràn láìgba àṣẹ ti da ìfọkàntán tí a fi lé e lọ́wọ́, a sì lè béèrè owó náà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.

BÍ OWÓ BÁ ṢẸ́KÙ

Ọ̀ràn kan tún wà tí ó dà bí ẹni pé kò léwu: iṣẹ́ parí, owó sì ṣẹ́kù. Bí òrùlé bá parí, tí 250,000 náírà sì kù nínú àpò rẹ̀, kò di ti àpò gbogbogbòò fúnra rẹ̀. Bí a bá mọ àwọn tí ó fúnni, kí a bi wọ́n. Ọ̀nà tí ó dára jù lọ ni kí a ti pèsè sílẹ̀ nígbà tí a ń tọrọ, kí a fi gbólóhùn kan kún ìwé ìtọrọ náà pé, ohunkóhun tí ó bá ṣẹ́kù, tàbí gbogbo rẹ̀ bí iṣẹ́ náà kò bá lè ṣe é ṣe, yóò lọ sí títún ilé ìsìn ṣe. Nígbà náà ni olúkúlùkù tí ó fúnni ti gbà á.

Ọ̀ràn yìí kò ṣàjèjì nínú Ìwé Mímọ́. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 12, a rí i pé nígbà tí ó di ọdún kẹtàlélógún ìjọba Jèhóáṣì, àwọn àlùfáà tí ń gba owó kò tíì tún ibi tí ó bàjẹ́ nínú ilé Olúwa ṣe. A dá ihò sí ìdérí àpótí kan, a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà sì ni ó jùmọ̀ ń ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀. A fi owó náà fún àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti àwọn ọ̀mọ̀lé, a kò sì fi í ṣe ohun èlò fàdákà, níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ ṣì kù. Owó ẹbọ tí ó jẹ́ ti àwọn àlùfáà ní tirẹ̀ kò bọ́ sínú àpótí náà. Ìwé Kíróníkà Kejì, orí 24, sì fi kún un pé ìgbà tí iṣẹ́ parí ni a mú ìyókù wá síwájú ọba àti Jèhóádà, a sì fi í ṣe ohun èlò fún ilé kan náà. Àpò méjì, ènìyàn méjì tí ń kà á, àti ìyókù tí kò jìnnà sí ète tí a fi fúnni: kò sí èyí tí a kò lè ṣe pẹ̀lú ìwé owó kan àti pẹ́ńsùlù.

Ó ku ohun kan. Kì í ṣe gbogbo owó tí a bá gbé wá ni ó yẹ kí ìjọ gbà. Bí ẹnìkan bá mú 200,000 náírà wá fún aago ilé ìṣọ́ tí iye rẹ̀ tó 2,000,000 náírà, tí kò sì sí ẹlòmíràn tí ó fẹ́ aago, owó náà yóò wà nínú àpò tirẹ̀ títí ọdún, kò sì ní ṣe ẹnikẹ́ni ní àǹfààní. Kí ìgbìmọ̀ fi ìrẹ̀lẹ̀ bá olùfúnni sọ̀rọ̀ kí a tó kọ risíìtì, kí wọ́n sì bi í bóyá yóò tú okùn náà, tàbí kí ó so ó mọ́ iṣẹ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn risíìtì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni yóò máa ṣe olórí owó náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, nígbà tí akápò yín bá tún dìde ní ìpàdé ọdọọdún, ẹ jẹ́ kí ó ka iye tí ó wà ní báńkì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ní kí ó ka ìyókù àpò kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan nínú yín sì mú pẹ́ńsùlù, kí ó ro wọ́n pọ̀.